Àpótí Tí Ó Ti Ilẹ̀kùn Fíríìjì

Bí ẹ bá wọ ilé ìdáná ẹnìkan, tí ẹ bá a tí ó gbé àpótí ìjókòó ti ilẹ̀kùn fíríìjì rẹ̀, tàbí tí ó fi okùn dì í pinpin bí ìgbà tí a so ewúrẹ́ alágídí mọ́ èèkàn, ẹ má ṣe fi onítọ̀hún rẹ́rìn-ín, nítorí pé láti ọdún gbọọrọ tí mo ti ń tún ẹ̀rọ yìí ṣe káàkiri Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, mo ti bá àpótí bẹ́ẹ̀ pàdé nílé olówó, mo ti bá a pàdé nílé mẹ̀kúnnù, mo sì bá a pàdé nígbà kan nílé ọ̀gá mi tí ó kọ́ mi níṣẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ìyá àgbà kan wà lẹ́bàá Mọ́kọ́lá tí ó ń ta omi tútù àti sóbò. Òun ni ó ránṣẹ́ pè mí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, tí oòrùn ń mú bí ẹni pé ó ń gbẹ̀san. Fíríìjì rẹ̀ jẹ́ onílẹ̀kùn méjì, fírísà kékeré lókè, ibi omi àti oúnjẹ nísàlẹ̀, hínjì àwọn ilẹ̀kùn méjèèjì sì wà ní apá ọ̀tún. Bí mo ti wọlé tí mo kí i tán, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé, “Ọkọ mi, ohun kan wà nínú ilẹ̀kùn yìí tí ojú wa kò rí. Mo tì í, mo yí ẹ̀yìn padà, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti ṣí.” Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ná, Màmá, bí a kò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, a ó wá ẹni tí ó ń rí ohun tí ojú wa kò rí.”

Ìyà ti jẹ ìyá yìí kí ó tó ránṣẹ́ sí mi. Oníṣẹ́ kan ti wá ṣáájú, ó pààrọ̀ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn fún un, ó gbowó, ó lọ, ilẹ̀kùn sì ń ṣí bí ó ti ń ṣí tẹ́lẹ̀, ni wọ́n bá gbé àpótí tì í. Àpótí kò sì lè tì í dáadáa tó, nítorí àlàfo tí kò ju ìbú ìka ọmọdé lọ ti tó fún ooru. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́; ẹnu tí fíríìjì yìí là ni afẹ́fẹ́ gbígbóná, tòun ti omi tí ó wà nínú rẹ̀, ń gbà wọlé tọ̀sán-tòru, omi náà ń di yìnyín mọ́ ara ibi tí ó tutù jù, yìnyín ọ̀hún sì ń nípọn títí tí ó fi bo ọ̀nà tí òtútù ì bá gbà jáde. Ẹ̀rọ tí ó wà nídìí rẹ̀ lẹ́yìn, tí ó yẹ kí ó máa kùn díẹ̀ kí ó sì sinmi díẹ̀, ń kùn láti ìgbà tí iná bá ti dé títí iná yóò fi lọ, síbẹ̀ omi tí ìyá ń tà kò ju lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀ tí ilẹ̀kùn fíríìjì kò fi ní kọ́kọ́rọ́ tàbí ìkọ́ tí yóò dì í mú ṣinṣin, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti bi mí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Fíríìjì àtijọ́ ní ìkọ́. Ìkọ́ irin ni, ó dà bí ti ilẹ̀kùn mọ́tò, ẹni tí ó wà níta nìkan ni ó sì lè ṣí i. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọmọdé tí wọ́n ń ṣeré bojúbojú a máa kó sínú èyí tí àwọn àgbà ti jù sẹ́yìn ilé, ilẹ̀kùn a sì pa dé mọ́ wọn, a kò ní gbọ́ igbe wọn, wọn a sì kú síbẹ̀. Èyí ni ó mú kí ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin kan, tí Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1956, pé láti ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1958, fíríìjì ilé tí wọn yóò bá tà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọdé lè ti inú rẹ̀ tì ṣí. Bí ìkọ́ ṣe kúrò nìyẹn, tí rọ́bà tí ó ní òòfà nínú gba ipò rẹ̀, tí irú ilẹ̀kùn náà sì dé ọ̀dọ̀ tiwa pẹ̀lú.

Òòfà inú rọ́bà yìí kò lágbára púpọ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Kò lè nawọ́ fa ilẹ̀kùn láti ọ̀nà jíjìn. Àfi kí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ bọ̀ wá bá ara fíríìjì títí tí yóò fi ku díẹ̀ kí wọ́n fẹnu kanra, nígbà náà ni òòfà yóò gbá a mú. Kí ni yóò wá gbé ilẹ̀kùn bọ̀? Ìwúwo ara rẹ̀ ni. Ilẹ̀kùn tí a gbé kọ́ orí hínjì dà bí omi, ibi tí ó bá rẹlẹ̀ jù ni ó ń wá lọ. Bí iwájú fíríìjì bá ga díẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ibi tí ó rẹlẹ̀ jù fún ilẹ̀kùn ni inú, yóò sì máa padà sílé fúnra rẹ̀ bí adìyẹ ní ìrọ̀lẹ́. Bí iwájú bá rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, ìta ni ilé rẹ̀. Bí fíríìjì bá sì fì sí ẹ̀gbẹ́ tí hínjì wà, ìta náà ni ilẹ̀kùn yóò kọrí sí. Ti ìyá onísóbò yìí, méjèèjì ni ó kó papọ̀.

Mo kó gbogbo ohun tí ó wà nínú fíríìjì náà jáde, mo yọ ọ́ kúrò lára iná, mo sì dọ̀bálẹ̀ yọjú wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Fíríìjì irú èyí ní táyà kékeré méjì lẹ́yìn, ó sì ní ẹsẹ̀ méjì níwájú, tí ó rí bí bóòtù olórí pẹrẹsẹ, tí a lè yí kí ó gùn tàbí kí ó kúrú. Ẹsẹ̀ òsì wà níbẹ̀. Ti ọ̀tún, èyí tí ó wà lábẹ́ hínjì gan-an, kò sí. Ìgbà tí wọ́n ń kó ẹrù láti ilé àtijọ́ ni ó ṣẹ́, ẹnìkan sì ká páálí sí mẹ́rin, ó fi í sábẹ́ ibẹ̀. Omi tí ń ro sílẹ̀ ti rẹ páálí ọ̀hún títí ó fi di bí ẹ̀kọ. Gbogbo ìwúwo iwájú fíríìjì ń rì sí apá ọ̀tún, ara àpótí irin rẹ̀ sì lọ́ díẹ̀, tí rọ́bà tuntun tí wọ́n fi owó rà fi ń kan igun kan pẹ́pẹ́ nígbà tí igun tí ó kọjú sí i là sílẹ̀. Ẹni tí ó ṣubú kì í wo ibi tí ó ṣubú sí, ibi tí ó ti kọsẹ̀ ni ó ń wò. Oníṣẹ́ àkọ́kọ́ wo ẹnu ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣubú sí. Abẹ́ páálí ni ó ti kọsẹ̀.

Mo wá ẹsẹ̀ àlòkù tí ó bá ihò rẹ̀ mu, mo yí i wọlé títí tí ó fi ṣe déédé pẹ̀lú ti òsì. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìwọ̀n olómi tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ilẹ̀ lé orí fíríìjì, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ẹ̀fúùfù kékeré tí ó wà nínú omi rẹ̀ sá lọ sẹ́yìn. Ibi tí ó bá ga ni ẹ̀fúùfù yìí ń sá lọ, nítorí náà ẹ̀yìn ni ó ga, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ sì ti pé méjì. Ilẹ̀ ilé ìdáná ni ó dà síwájú: ẹni tí ó kọ́ ilé náà ti da ilẹ̀ sí ọ̀nà ojú ihò omi, bí ó ti yẹ kí ó ṣe é, kí omi má baà dúró sílẹ̀, kò sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọn yóò gbé fíríìjì sí. Ẹni tí kò bá ní ìwọ̀n bíríkìlà lè rọ omi sínú ìgò gbọọrọ tí ó ṣe déédé, kí ó ku díẹ̀ kí ó kún, kí ó dé e, kí ó sì dá a dùbúlẹ̀. Ẹ̀fúùfù inú rẹ̀ yóò sọ ohun kan náà fún un.

Ìwọ̀n tèmi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, bákan náà sì ni jíjìn fíríìjì náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo wá ń fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ orí ìwọ̀n náà níwájú, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹ̀fúùfù fi dúró ní àárín. Nínípọn àwọn pákó náà lápapọ̀ jẹ́ mìlímítà 10. Èyí ni pé iwájú fi mìlímítà 10 rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Ohun tí a sì ń fẹ́ ni kí iwájú fi bíi mìlímítà 6 ga ju ẹ̀yìn, èyí tí kò ju sísanra ìka ọwọ́ tí ó kéré jù lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ ni mìlímítà 16. Yíyí kan ẹsẹ̀ yẹn ń gbé e sókè tó mìlímítà 1 àbọ̀, bí a bá sì gbẹ́kẹ̀ lé yíyí nìkan, a ó yí i tó ìgbà 11, bóòtù náà yóò sì fẹ́rẹ̀ jáde tán kúrò nínú ihò rẹ̀, yóò máa mì bí eyín àgbàlagbà. Nítorí náà ni mo ṣe wá àfọ́kù táìsì méjì tí ó nípọn ní mìlímítà 8, mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì yí ẹsẹ̀ méjèèjì ní ìgbà márùn-ún àti díẹ̀. Pákó líle dára, táìsì dára; páálí, aṣọ tí a ká àti fóòmù kò dára rárá.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é nílé, ẹ bẹ ẹnìkan kí ó ti orí fíríìjì sẹ́yìn díẹ̀, kí ìwúwo rẹ̀ lè kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú. Kí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ kọjú sí fíríìjì, kí ó di etí ẹsẹ̀ náà mú, kí ó máa tì í lọ sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Ẹsẹ̀ yóò máa gùn, fíríìjì yóò sì máa ga. Bí ó bá tì í sí ọ̀tún, yóò rẹlẹ̀. Kí a wá gbé ìwọ̀n láti òsì sí ọ̀tún, ní ọ̀nà yìí ẹ̀fúùfù gbọ́dọ̀ dúró sí àárín gẹ́lẹ́. Ìdánwò tí ó kẹ́yìn kò ná wa ní kọ́bọ̀: ẹ ṣí ilẹ̀kùn dé ìdajì, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má tì í. Bí ó bá rọra padà sílé, ẹsẹ̀ ti pé. Bí ó bá dúró gbagidi níbi tí ẹ fi í sí, ó ku díẹ̀. Bí ó bá sì ń lọ síta, ẹ tún dọ̀bálẹ̀.

Ti ìyá yìí padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kù bíi ìka mẹ́ta kí ó dé ilé, ó dúró. Ìyá ní, “Ṣé ẹ rí i bí mo ti wí? Ó ń wò wá ni.” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Kò wò wá, Màmá, ó rẹ̀ ẹ́ ni.”

Ní tòótọ́, ó rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo ń kó ẹrù inú rẹ̀ jáde ní àkọ́kọ́, mo ti ka ohun tí ó wà lára ilẹ̀kùn nìkan: ìgò omi lítà 1 àbọ̀ márùn-ún wà ní àtẹ́ ìsàlẹ̀, ìgò sóbò onísẹ̀ǹtílítà 75 mẹ́fà wà ní èyí tí ó tẹ̀ lé e. Lítà omi kan wúwo ní kìló kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀, kìló 12 ni ó so rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, tí àtajà sì ń ṣí i, tí ó ń tì í láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹrù tí a gbé sí ibi tí ó jìn sí hínjì ń fa hínjì náà lulẹ̀ ju bí a bá gbé e sún mọ́ ọn lọ, gẹ́gẹ́ bí garawa omi tí a nà síwájú ní ọwọ́ ṣe ń dun ni ní èjìká ju èyí tí a gbé mọ́ra lọ.

Mo di etí ilẹ̀kùn mú níbi tí a ti ń ṣí i, mo gbé e sókè díẹ̀ díẹ̀. Ó gbé, ó sì tún bọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìró kọ́-kọ́. Ilẹ̀kùn tí ara rẹ̀ le kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sì wo àlàfo tí ó wà láàárín ilẹ̀kùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ yóò rí i pé ó ṣe déédé lápá hínjì ṣùgbọ́n ó fẹ̀ lápá kejì, nítorí etí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ti rẹlẹ̀. Fíríìjì onílẹ̀kùn méjì ní hínjì mẹ́ta, ti òkè, ti àárín tí ilẹ̀kùn méjèèjì jọ ń lò, àti ti ìsàlẹ̀ tí ó ru ẹrù jù. Lórí hínjì ìsàlẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní ike méjì tí ó jókòó lé ara wọn, tí ojú wọn dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí òkè kékeré: nígbà tí ilẹ̀kùn bá kù díẹ̀ kí ó padé, ike òkè a yọ́ bọ́ sílẹ̀ lára ike ìsàlẹ̀, ìyẹn ni ó ń gbé e rìn ní ìka mẹ́ta tí ó kẹ́yìn. Ti ìyá yìí ti jẹ tán, ojú rẹ̀ ti tẹ́ bí àwo.

Mo ṣí ìdérí ike orí hínjì òkè, mo tú bóòtù rẹ̀ pẹ̀lú sípánà 10, mo gbé ilẹ̀kùn fírísà kúrò; mo tú hínjì àárín, mo sì gbé ilẹ̀kùn ńlá kúrò lórí irin tí ó jókòó lé. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan ṣoṣo, ilẹ̀kùn lè bọ́ lu ẹsẹ̀ ẹni. Mo fi ike tuntun sí i, mo fi wáṣà kan kún un nísàlẹ̀ kí ilẹ̀kùn lè ga tó mìlímítà kan, mo gbé e padà. N kò di bóòtù hínjì àárín le lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi gbé etí ilẹ̀kùn sókè títí àlàfo fi ṣe déédé láti igun dé igun, nígbà náà ni mo tó dì wọ́n pa. Ká ní mo bá ìpẹtà lábẹ́ hínjì, tí irin ibẹ̀ ti rà, tí bóòtù kò rí ibi di mú, n ó sọ fún ìyá pé kí ó má ṣe ná owó mọ́ lórí rẹ̀, nítorí wáṣà kò lè wo irin tí ó ti rà sàn.

A wá kó ẹrù padà sínú rẹ̀, ni ilẹ̀kùn bá tún kọ̀. Màmá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta yìí, ó kàn ń wò mí. Mo béèrè ẹfun lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ̀ ọ́, mo fi pa etí àwọn àtẹ́ ilẹ̀kùn nínú, mo tì í, mo ṣí i. Ẹfun funfun wà lára etí ìkòkò ọbẹ̀ kan tí ó yọ síwájú lórí àtẹ́ àárín, ó sì wà lára àpótí ike ẹ̀fọ́ nísàlẹ̀, tí tòmátì kan há sẹ́yìn rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ó wọlé tán. A yọ tòmátì, a yí ìkòkò padà. Ìgò lítà 1 àbọ̀ márààrún, mo dá wọn dùbúlẹ̀ sórí àtẹ́ inú, mo sì fi ìgò sóbò mẹ́ta péré sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn, lápá tí ó sún mọ́ hínjì.

Ní ìgbẹ̀yìn, mo mú owó náírà kan, mo fi há ẹnu ilẹ̀kùn, mo tì í, mo sì fà á. Bí owó bá yọ láìjà, rọ́bà kò mú níbẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ yí gbogbo ẹnu rẹ̀ ká. Igun ìsàlẹ̀ kan ni ó rọ̀, mo fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ràn padà. Rọ́bà tí oníṣẹ́ àkọ́kọ́ rà kò ní àléébù kankan.

Ẹ ó máa rí nǹkan kan nílé yín, ẹ̀yin tí fíríìjì yín ní ilẹ̀kùn méjì: bí ọmọ bá gbá ti fírísà pa pẹ̀lú agbára, ti ìsàlẹ̀ a là fẹ̀ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó gbá wọlé lókè ni ó wá ọ̀nà jáde nísàlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá ga tó, ilẹ̀kùn náà yóò padà sílé fúnra rẹ̀. Bí kò bá padà, ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, mo yà kí ìyá náà. Iná ti lọ láti àárọ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí fíríìjì, nítorí mo ti sọ fún un pé bí ilẹ̀kùn bá padé dáadáa, òtútù inú rẹ̀ lè dúró tó wákàtí 4 láìsí iná. Orí àpótí tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn tẹ́lẹ̀ ni ó jókòó lé níwájú ilé, tí ó ń já ewé ẹ̀fọ́. Ó ní kí n máa bọ̀ wá mu sóbò bí iná bá dé.